Bí a ó ṣe fi han lánlọ́ọ̀dù pé owó ṣọ́ọ̀bù ti wọlé
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé)

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kan ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa. Ó kan owó ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn fi fóònù san, tàbí tó san lọ́dọ̀ àwọn oní-pí-ó-ẹ́sì, tí lánlọ́ọ̀dù wá ní òun kò rí nǹkan kan.

Gbogbo wa la mọ bí a ṣe débẹ̀ ní Ọ̀fà níbí. Nígbà tí àwọn adigunjalè kọlu àwọn báńkì ìlú wa ní 5 Épírì 2018, tí wọ́n pa ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn báńkì tìlẹ̀kùn fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó tún di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí wọ́n ń pààrọ̀ náírà, tí owó bébà wọ́n bí ojú, ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ tíránsífà rárá tẹ́lẹ̀ fi tipátipá gbà á. Nígbà tí a ń ka owó sí lánlọ́ọ̀dù lọ́wọ́, ojú ẹsẹ̀ ló ń kọ rìsíìtì. Owó tí a fi fóònù rán, kò sí ẹni tó rí i bó ṣe ń lọ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lé e, nọ́ńbà yẹn la sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ìyá kan ń ta ẹ̀wà, owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì jẹ́ ₦120,000 lọ́dún. Lánlọ́ọ̀dù ti sọ pé bí owó kò bá tíì wọlé títí Mọ́ńdè, òun á fi àgádágodo sí i, òun á gbé ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíràn. Ìyá yìí fi owó ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, 4 Jánúárì 2025. Fóònù rẹ̀ kọ ọ́ pé Successful. Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, Alájì tó ni ilé dé, ó ní òun kò gbọ́ álẹ́ẹ̀tì kankan, àti pé báńkì kì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé, irọ́ ni. Ìyá elẹ́wà na fóònù sí i kó wò ó. Alájì ní àwọn ọmọ ìta lè fi fóònù ya irú rìsíìtì bẹ́ẹ̀.

Ẹ má bínú sí Alájì o. Òótọ́ ló sọ. Èèyàn lè ya rìsíìtì ayédèrú, èèyàn sì lè fi álẹ́ẹ̀tì ayédèrú ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ta ọjà ni wọ́n ti fi jẹ gbèsè. Nítorí náà àwòrán rìsíìtì nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ̀rí ni ohun tí Alájì lè gbé lọ sí báńkì tirẹ̀, kí báńkì náà sì rí i nínú ìwé ara rẹ̀.

Tí ẹ bá ṣí rìsíìtì tíránsífà lórí fóònù yín, ẹ ó sábà rí nọ́ńbà méjì lórí rẹ̀. Ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní Transaction Reference. Nọ́ńbà tí báńkì yín fi ń mọ iṣẹ́ náà nínú ilé tirẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá pè é fún báńkì Alájì, ó lè má mọ̀ ọ́n rárá. Èkejì ni wọ́n kọ Session ID sí. Èyí ni báńkì yín àti báńkì Alájì jọ mọ̀, torí pé òun ló tẹ̀ lé owó náà gba ọ̀dọ̀ NIBSS kọjá, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó so gbogbo báńkì Nàìjíríà pọ̀, tó sì ti ń fi owó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì lójú ẹsẹ̀ láti ọdún 2011. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Share receipt tàbí Details sí, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Session ID gùn, nọ́ńbà ọgbọ̀n ni. Ẹ wo èyí tí a kọ fún àpẹẹrẹ:

```
999999250104184512004837261905
```

Ẹ pín in sí mẹ́rin. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ni àmì báńkì tó fi owó ránṣẹ́. A fi 999999 síbẹ̀ kí ó má baà tọ́ka sí báńkì ẹnikẹ́ni. Mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, 250104, ni ọjọ́: ọdún 2025, oṣù kìíní, ọjọ́ kẹrin. Mẹ́fà tó tún tẹ̀ lé e, 184512, ni àkókò: agogo 18, ìyẹn mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú 45, sẹ́kọ́ọ̀ńdì 12. Méjìlá tó kù ni kò jẹ́ kí ó jọ ti ẹlòmíràn. Èyí ni ẹ ó fi mọ̀ bí ẹnì kan bá gbé rìsíìtì wá fún ẹ̀yin náà ní ọjà. Bí ọjọ́ tó wà nínú nọ́ńbà kò bá bá ọjọ́ tó wà lókè rìsíìtì mu, ẹ fura. Bí ó bá sì bára mu, kò tíì parí o, torí ẹni tó gbọ́n lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Báńkì tó gba owó ló máa sọ òótọ́ rẹ̀.

Bí ẹni tó rán owó àti ẹni tó gbà á bá jọ ń lo báńkì kan náà, ó lè má sí Session ID níbẹ̀, torí owó náà kò jáde nínú ilé. Reference nìkan ti tó nígbà yẹn.

Ní ti ọ̀rọ̀ Sátidé tí Alájì sọ, tíránsífà ojú ẹsẹ̀ kò mọ Sátidé, kò mọ Sọ́ńdè, kò mọ òru. Ohun tó ń da èèyàn láàmú ni pé ìṣírò méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ rántí bí àwa náà ṣe ń ṣe ní ọjà. Oníbàárà wá ra gàrí, tiwa ti tán, a sáré gba kóńgò mẹ́ta lọ́wọ́ aládùúgbò wa, a wọ̀n ọ́n fún un, ó ń lọ. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí àwa àti aládùúgbò tó ṣírò ẹni tó jẹ ẹnì kejì. Ṣé oníbàárà dúró de ìṣírò yẹn? Kò dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn báńkì. Nígbà tí báńkì Alájì bá ti dáhùn pé òun gba owó náà, ó ti bọ́ sínú àkáǹtì rẹ̀. Ìṣírò láàárín báńkì méjèèjì, tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn náà lọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀, kò kan Alájì, kò sì kan ìyá elẹ́wà.

Kí ló wá dé tí Alájì kò gbọ́ álẹ́ẹ̀tì? Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni álẹ́ẹ̀tì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dá a dúró, ó sì lè jẹ́ láìnì tí Alájì kò lò mọ́ ni báńkì ń fi ránṣẹ́ sí. Kí ó wo sitéètìmẹ́ǹtì àkáǹtì rẹ̀ ni, kí ó wo ọjọ́ kẹrin.

Nítorí náà, irú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó yẹ kí ìyá elẹ́wà kọ nìyí:

“Ẹ kú àárọ̀ o, Alájì. Èmi ni Ìyá Elẹ́wà, ṣọ́ọ̀bù kẹta. Mo ti san owó ṣọ́ọ̀bù ti Jánúárì sí Disẹ́ńbà 2025, ₦120,000, sínú àkáǹtì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, èyí tí ìparí rẹ̀ jẹ́ 4471. Mo san án ní Sátidé 4 Jánúárì 2025, nígbà tí agogo méje ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Session ID rẹ̀ ni 999999250104184512004837261905. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó nínú sitéètìmẹ́ǹtì yín. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fún báńkì yín ní nọ́ńbà yìí kí wọ́n fi wá a. Ẹ ṣeun, sà.”

Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: ẹni tó san, ohun tó san owó fún, iye, àkáǹtì, ọjọ́ àti àkókò, àti Session ID. Ẹ ṣe àdàkọ nọ́ńbà náà láti orí fóònù, ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, torí bí ọ̀kan bá yẹ̀, báńkì kò ní rí i. Ẹ má fi nọ́ńbà káàdì yín tàbí píìnì síbẹ̀. Session ID kò nílò píìnì láti wá a. Ẹni tó bá pè yín pé òun fẹ́ bá yín wá owó, tó sì ń béèrè píìnì, olè ni.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ wo ohun tí fóònù kọ dáadáa. Bí ó bá kọ Pending, owó ṣì wà lójú ọ̀nà, ẹ má tíì sọ pé ẹ ti san. Ẹ sọ pé ẹ ti rán an, ó ń bọ̀. Ẹ má sì rán òmíràn lé e, torí méjèèjì lè wọlé, ẹ ó wá máa bẹ lánlọ́ọ̀dù kó dá ọ̀kan padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló bá irú rẹ̀ pàdé ní ọdún 2023. Nígbà míì ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, nígbà míì ó máa ń di ọjọ́ kejì. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò tíì yanjú, ẹ gbé Session ID lọ sí báńkì tiyín, ẹ ní kí wọ́n kọ ẹjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà. Bí ó bá kọ Reversed, owó ti padà sọ́dọ̀ yín, rìsíìtì tẹ́lẹ̀ kò ní agbára mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń san án lọ́dọ̀ oní-pí-ó-ẹ́sì, tiyín tún le díẹ̀. Láti inú àkáǹtì tirẹ̀ ló ń rán owó, nítorí náà orúkọ rẹ̀ ni Alájì máa rí, kì í ṣe tiyín. Alájì á ní òun kò mọ ẹni yẹn rí. Ẹ sọ fún un kó kọ orúkọ yín àti “owó ṣọ́ọ̀bù 2025” sí ibi tí wọ́n kọ Narration tàbí Remark sí kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ rí i pé Session ID wà lórí rẹ̀. Bébà yẹn máa ń ṣá, lẹ́ẹ̀rùn kan ṣoṣo ó ti funfun báláú. Ẹ yà á sí fóònù, tàbí kí ẹ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun kan ló kù. Session ID fi hàn pé owó wọ àkáǹtì kan. Kò lè sọ pé owó ṣọ́ọ̀bù ni, kò sì lè sọ pé Alájì ló ni àkáǹtì náà. Bí Alájì bá ní kí ẹ san án sí àkáǹtì ọmọ òun, ẹ ní kí ó fi nọ́ńbà àkáǹtì náà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí ẹ má sì pa àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn rẹ́. Nígbà tó bá sì ti rí owó rẹ̀, ẹ rọra sọ fún un pé, “Alájì, ẹ bá wa kọ rìsíìtì wa.” Rìsíìtì tó fọwọ́ sí ló ń sọ ohun tí owó wà fún àti oṣù tó parí sí. Ẹ fi rìsíìtì tíránsífà pín mọ́ ọn, kí ẹ kó méjèèjì pamọ́ títí ọdún ṣọ́ọ̀bù yóò fi yí.

Ẹni tí kò bá mọ ibi tí Session ID wà lórí fóònù rẹ̀, kó mú fóònù náà bọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ó jọ wá a.