Ohun tó yẹ kó wà nínú ímeèlì tí a fi ń gba iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ ìwáṣẹ́ la ti ń sọ látọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Tòní, ẹ jẹ́ ká gbà pé iṣẹ́ ti jáde. Lẹ́tà ti wọlé sórí fóònù yín. Kí lẹ máa kọ padà?

Ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ "ẹ ṣé gan-an, mo gbà á, Ọlọ́run á bù kún yín," ó parí. Kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tí ayọ̀ kì í jẹ́ ká rí dáadáa, ìsàlẹ̀ ló sì sábà máa ń wà: pé wọ́n gbà yín "bí ìwádìí tí a máa ṣe nípa yín bá tẹ́ wa lọ́rùn." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà kò tíì bọ́ sí yín lọ́wọ́ tán. Wọ́n ṣì máa bi ilé ìwé yín léèrè, wọ́n ṣì máa pe àwọn tẹ́ ẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ mú onídùúró wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan ṣàpẹẹrẹ. Ọmọ Ìfọ̀n ni, ilé ẹ̀kọ́ gíga Rufus Giwa ní Ọ̀wọ̀ níbí ló ti kàwé jáde, ó sì ti sìn ìlú parí. Ó ń kọ́ni nílé ìwé aládàáni kan. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, iléeṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́ kọ̀wé sí i pé àwọn gbà á sí ẹ̀ka ìṣirò owó, kó fèsì kó tó di ọjọ́ 8, kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án. Àdéhùn rẹ̀ níbi tó ti ń kọ́ni sì sọ pé kó fún wọn ní ìwé oṣù kan kó tó lọ.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Bó bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí ìwádìí wá ní ìṣòro, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kúrò nílẹ̀. Bó bá sì dúró kí ìwádìí parí, kò lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1. Ó ní láti sún ọjọ́ síwájú. Àmọ́ bí èèyàn ṣe ń béèrè rẹ̀ ṣe pàtàkì. Nínú òfin àdéhùn tí à ń lò ní Nàìjíríà, ẹni tó bá dáhùn pé "mo gbà, bí ẹ bá yí ọjọ́ padà" kò tíì gbà. Àbá tuntun ló dá, tiwọn sì ti kú. Wọ́n lè mú ẹlòmíràn, kò sì ní ẹjọ́ kankan láti rò. Ẹni tó bá gbà á pátápátá, tó wá bẹ̀bẹ̀ lọ́tọ̀, àdéhùn rẹ̀ dúró bí wọn ò tilẹ̀ gba ẹ̀bẹ̀ náà.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ímeèlì náà. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ ní Yorùbá nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo dúpẹ́ fún lẹ́tà ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ. Mo gba iṣẹ́ náà pẹ̀lú owó oṣù àti gbogbo àdéhùn tó wà nínú lẹ́tà yẹn. Mo ti fọwọ́ sí i, ó wà pẹ̀lú ímeèlì yìí.

Mo tún fi àwọn ìwé mi ránṣẹ́: èsì ìdánwò láti ilé ìwé, ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀, àti ìwé tí mo fi fọwọ́ sí i pé ẹ lè bi ilé ìwé mi léèrè. Nọ́ńbà tí mo fi kàwé àti ọdún tí mo jáde wà nínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù onídùúró á tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ 15.

Mo ní láti fún ibi tí mo wà ní ìwé oṣù kan. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣeé ṣe kí n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kọ̀wé pé ìwádìí ti parí? Ta ni kí n máa bá sọ̀rọ̀ lórí ìwádìí náà, mà?"

Kò ju ìyẹn lọ. Ìpín kìíní gba iṣẹ́ láìsí "ṣùgbọ́n." Ìpín kejì sọ ohun tó ti dé àti ọjọ́ tí èyí tó kù á dé. Ìpín kẹta béèrè, kò pàṣẹ.

Ẹ kíyè sí ìwé tó fi yọ̀ǹda kí wọ́n béèrè. Tí iléeṣẹ́ bá kọ̀wé sí ilé ìwé, ibi tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń dáhùn, wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ rí i pé ẹni náà fọwọ́ sí i. Bí kò bá sí, ìwé náà lè jókòó síbẹ̀. Orúkọ náà ń dá nǹkan dúró. Bí sátífíkéètì bá pè yín ní Ọlájùmọ̀kẹ́, tí NIN yín pè yín ní Jùmọ̀kẹ́, ẹni tó ń wádìí lè rò pé èèyàn méjì ni. Ẹ to wọ́n síra kẹ́ ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́. Tí wọn ò bá dọ́gba, ẹ sọ ọ́ fúnra yín nínú ímeèlì, kẹ́ ẹ fi ìwé ìbúra láti kóòtù tì í. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ sọ jẹ́ àlàyé. Ohun tí wọ́n bá fúnra wọn rí, ìfura ni.

Ó ku onídùúró. Ẹ má ṣe gbé fọ́ọ̀mù fún bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n kí wọ́n kàn fọwọ́ sí i. Ẹ kà á sí wọn létí. Àwọn fọ́ọ̀mù kan sọ pé bí owó bá sọnù lọ́wọ́ yín, onídùúró máa san án, kò sì sí iye tí wọ́n fi dé e. Ó yẹ kí ẹni náà mọ̀, ẹ sì lè béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ pé kí wọ́n kọ iye kan síbẹ̀. Wọ́n tún lè rán èèyàn wá wo ilé rẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi ní Ọ̀sẹ́, ilé kò ní nọ́ńbà. Bẹ́ ẹ bá kọ "Ìfọ̀n" lásán, ẹni tí wọ́n rán máa yípo, á sì lọ kọ pé òun kò rí ilé. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí, àwọ̀ ilé, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa wà nílé.

Ọmọbìnrin yẹn rí èsì pé wọ́n gbà kó sún ọjọ́. Ìdáhùn ilé ìwé pẹ́ díẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó kọ̀wé pé ìwádìí ti parí. Lọ́jọ́ kejì ló fún ilé ìwé tó ti ń kọ́ni ní ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá. Kò sí oṣù kankan tí kò gba owó.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ fúnra rẹ̀, pàápàá ibi tí wọ́n kọ oṣù ìdánwò sí. Bẹ́ ẹ bá ní lẹ́tà lọ́wọ́, ẹ gbé e sítòsí. Ó dìgbà.