Orí Ìwé Ìwádìí Láàárín Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ orí kan lórí ìdí tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn fi ń lo òwú ilé-iṣẹ́ dípò òwú àfọwọ́ran. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló ní láti ṣàlàyé rẹ̀.

Kó má gé orí náà kéékèèké o. Ìdáhùn rẹ̀ ni kó mú: òwú àfọwọ́ran tètè ń já lórí òfì. Kó pa ìtàn àwọn onímọ̀ ìṣáájú tì. Gbólóhùn kan tó fún ọ̀nà ìwádìí.

Síláìdì kìíní, aṣọ sányán nìkan. Ìkejì, òwú méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ti já. Kó fa ìlà sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi tó ti máa sọ pé “ó já”. Ibẹ̀ ni kó ti yí síláìdì. Bó bá yí i ṣáájú, àwòrán làwọn èèyàn á máa wò, wọn ò ní gbọ́ ọ mọ́.

Kó kà á sókè, kó fi aago fóònù wọ̀n ọ́n. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, àpẹẹrẹ kan ni kó yọ, kó má sáré sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ìdíje ìṣàlàyé ìwádìí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí Yunifásítì Kuiínsílándì dá sílẹ̀ lọ́dún 2008 kò gbà ju síláìdì kan lọ. Níbẹ̀, òwú méjèèjì ni kó fi hàn.