Mélòó Tàbí Èló: Nígbà Tí A Bá Ń Fi Iye Ènìyàn Wé Iye Owó



Ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé, tó sì ń fi Faransé kàwé, máa ń bá ọ̀rọ̀ méjì pàdé tó bá dé kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì: fíúwà àti lẹ́sì. Ohun tí kò tó òmíràn ni àwọn méjèèjì ń sọ. Bí ènìyàn bá dín, bí owó bá dín, “dín” náà ni Yorùbá ń wí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Faransé náà ń lò fún méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń mú lẹ́sì, tó máa ń gbọ́ jù, tí yóò sì lò ó fún gbogbo nǹkan.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní ilé ìwé ni pé fíúwà wà fún ohun tí a ń kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ènìyàn àti ewúrẹ́. Lẹ́sì sì wà fún ohun tí a ń wọ̀n, bí omi àti gààrí. Owó ló ń da ọmọ láàmú. Ṣebí a ń ka owó? A ń kà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá ń sọ̀rọ̀ owó tí kò tó 5,000 fáráǹkì, kì í ro fáráǹkì ẹgbẹ̀rún márùn-ún tó tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Odindi iye kan ló ń rò, nítorí náà lẹ́sì ni yóò mú, bí nọ́ńbà tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, inú ìbéèrè ló kàn fi í sí. Ẹni tó bá dé iwájú aláta, tó bi í pé “Mélòó ni?”, ẹyọ ata ló ń béèrè. Tó bá ní “Èló ni?”, owó ló ń wádìí. Ènìyàn mélòó ló wá? Èló ni wọ́n dá? Kò sí ọmọ Yorùbá kan tó máa ṣi méjèèjì lò. Nígbà tí a ṣì ń ná owó ẹyọ lọ́jà pàápàá, igbiwó ni àwọn àgbà ń pe igba owó, owó ti wọnú orúkọ nọ́ńbà náà, bẹ́ẹ̀ igba ènìyàn kì í ju igba ènìyàn lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ̀yin olùkọ́ ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní Yorùbá. Bó bá gba mélòó, kó mú fíúwà. Bó bá gba èló, kó mú lẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí á fi ẹgbẹ́ àjọ kan dán an wò. Lọ́dún tó kọjá, ogójì obìnrin dá 2,000 fáráǹkì lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ó di 80,000. Lọ́dún yìí, àwọn méjìlélọ́gbọ̀n ló kù, wọ́n sì dá 2,500. Ó di 80,000 náà. Bí akọ̀wé bá kọ ọ́ pé “àjọ dín kù”, ó ti ṣi wá lọ́nà, torí àwọn adájọ nìkan ló dín. Fíúwà ni tiwọn. Owó kò gba lẹ́sì rárá. Bí wọ́n bá wá kó owó náà jáde ní bébà 10,000, mẹ́jọ ni. Ní bébà 1,000, ọgọ́rin ni. Bébà tí ẹ fọwọ́ kà yẹn, fíúwà ni, torí pé mélòó ni à ń béèrè, bẹ́ẹ̀ owó tó wà nínú rẹ̀ kò yí padà.

Àyẹ̀wò yìí ní ibi tó mọ. Ọdún mélòó, kìlómítà mélòó ni à ń wí, síbẹ̀ lẹ́sì ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń lò fún ọdún tí kò pé mẹ́ta, torí odindi ìwọ̀n kan ló kà á sí. Ibí yìí ni kí olùkọ́ ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé.

Òfin fíúwà àti lẹ́sì yìí kò sì ti ìpilẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì wá. Láti ayé Ọba Alfred, ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo lẹ́sì fún ohun tí a ń kà. Ní 1770 ni Robert Baker kọ ọ́ sínú ìwé pé fíúwà dára létí òun ju lẹ́sì lọ níbi tí nọ́ńbà bá wà. Ohun tó wu ọkùnrin kan ló wá di òfin lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀ lé e. Ọmọ tó bá ṣì í kò ya òpè, ẹ má nà án nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò àti lẹ́tà iṣẹ́, àwọn tó ń kà á ṣì ń wò ó.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àṣìṣe tí fíúwà àti lẹ́sì kò lè wò sàn. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: “Àwọn tí kò tó ogójì ló san owó tí kò tó 80,000.” Ṣé gbogbo wọn ló pawọ́ pọ̀ san án, àbí iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san nìyẹn? Ní Gẹ̀ẹ́sì, fíúwà yóò bọ́ sí ipò ènìyàn, lẹ́sì yóò bọ́ sí ipò owó, gírámà yóò pé, a ò sì ní mọ ẹni tó jẹ gbèsè. Nítorí náà, nínú ìwé àjọ tàbí ìwé owó ilé ìwé, kí akọ̀wé kọ “lápapọ̀” tàbí “lẹ́nì kọ̀ọ̀kan” sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó náà kó tó ronú nípa ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò lò.