Kúlíkúlí Ṣíṣe fún Òbí tí Ń Tọ́mọ Nílé

Wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ lórí òwò tí ẹni tí ń tọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ nílé lè ṣe. Òwò náà pọ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni a óò mú kí ọ̀rọ̀ wa lè délẹ̀: kúlíkúlí ṣíṣe.

Àwọn Tápà àti Haúsá tí a bá ní agbègbè Mínà ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́, àwa Yorùbá sì ni a ń fi í mu gààrí. Ohun tí ó mú un bá olómọ mu ni pé a lè gé iṣẹ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Àkàrà tí a kò tà lónìí ti di àdánù lọ́la, ṣùgbọ́n bí ara ọmọ kò bá yá, kúlíkúlí tó gbẹ dáadáa yóò dúró de olówó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀pà kílò 10. Ṣíṣà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. A lè ṣe é nígbà tí ọmọ bá ń ṣeré, ṣùgbọ́n orí tábìlì ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí odindi ẹ̀pà lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lọ́fun. Ẹ yọ èyí tó bu, èyí tó rún jọ àti èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Oró kan ń bẹ nínú ẹ̀pà tó bu tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Sísun àti dídín kò lè pa á tán, inú kúlíkúlí ni púpọ̀ rẹ̀ sì ń kù sí, kì í bá òróró lọ. Nítorí náà, ẹ má ra ẹ̀pà tó tutù nítorí pé ó pọ́ọ́kú.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹnì kejì bá wà nílé láti gba ọmọ, ẹ fi yanrìn yan ẹ̀pà náà títí èèpo rẹ̀ yóò fi máa ṣí lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó dúdú, kí òróró má baà korò. Ẹ bó o, kí ẹ sì fẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ kejì, bí ẹ bá ti ń sin àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Nígbà tí ìkókó bá sùn, ẹ da ẹ̀pà lílọ̀ náà sínú odó, ẹ fi ata, atalẹ̀ àti iyọ̀ sí i, kí ẹ máa pò ó. Ẹ máa wọ́n omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, òróró yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Bí ọmọ bá jí, ẹ lè bò ó kí ẹ lọ fún un lóúnjẹ; bí ẹ bá padà dé tí ó ti tutù, ẹ tún wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ sí i. Bí omi bá pọ̀ jù, kúlíkúlí yóò fọ́ nínú òróró, yóò sì tètè bu.

Dídín nìkan ni a kò lè fi sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ má dín in pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ẹ má sì dín in níbi tí ọmọ tí ń rá lè dé. Ẹ dúró de ẹni tí yóò gba ọmọ. Òróró tí ẹ fẹ́ tà, ẹ sè é títí kò fi ní ta pàràpàrà mọ́; ìgbà náà ni omi inú rẹ̀ tán. Kí kúlíkúlí tutù pátápátá kí ẹ tó dì í sínú ọ̀rá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ooru yóò di omi nínú ọ̀rá náà.

Ẹ̀pà kílò 10 lè mú òróró bíi lítà 2 sí 3 wá, tí a óò fi díẹ̀ nínú rẹ̀ dín kúlíkúlí. Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Iye ọjà ń yí padà, nítorí náà àpẹẹrẹ lásán nìyí. Bí ẹ̀pà, ẹ̀rọ, èédú, èròjà àti ọ̀rá bá jẹ́ ₦20,000, tí ẹ sì ta òróró tó kù ní ₦6,000, ó ku ₦14,000 tí kúlíkúlí gbọ́dọ̀ mú wá kí a tó dárúkọ èrè. Bí ó bá pé ọ̀rá 100, ₦140 ni owó ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tà á ní ₦200, èrè yín jẹ́ ₦6,000. Bí àwọn ọmọ ilé bá jẹ ọ̀rá 10 nínú rẹ̀, ₦2,000 ti lọ, èrè ku ₦4,000. Nítorí náà, ẹ ya ti àwọn ọmọ sọ́tọ̀ kí ẹ tó dì í, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó fi kílò 2 dán an wò ná. Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa.