Ẹ Parí Apá Kan Kí Ẹ Tó Wọ Òmíràn: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba lórí Ìrìn Ọkọ̀ Abẹ́rẹ́ Àjẹsára ní Agbègbè Bassila

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bí ọkọ̀ kan bá ní ibi mélòó kan tó fẹ́ já ẹrù sí, tó sì gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti gbéra, èwo ni kó kọ́kọ́ lọ, èwo ni kó tẹ̀ lé e, kí àkókò tó máa lò lójú ọ̀nà má bàa pọ̀ jù? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á dáhùn pé ibi tó súnmọ́ jù ni kó kọ́kọ́ yà, kó tún ti ibẹ̀ lọ síbi tó súnmọ́ ọn jù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹrù yóò fi tán. Ìdáhùn yẹn bá ọgbọ́n orí mu, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ rí bíi ti Bassila, Manigri àti Pénéssoulou, ó máa ń ṣini lọ́nà. Mo fẹ́ fi hàn yín ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tó yẹ kí a fi rọ́pò rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ni ẹrù tí n óò máa tọ́ka sí, torí pé òun ni wọ́n ti yẹ ìrìn rẹ̀ wò dáadáa ní orílẹ̀-èdè Benin. Lábẹ́ ètò àtijọ́, abẹ́rẹ́ máa ń ti Kútọnu lọ sí sítọ́ọ̀ ẹkùn, láti ibẹ̀ lọ sí sítọ́ọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé ìlera kọ̀ọ̀kan a sì gun alùpùpù lọ gba tirẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn onímọ̀ tó ń jẹ́ Vaccine. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòkọ́ gbogbo ìrìn abẹ́rẹ́ ní Benin, wọ́n sì yẹ oríṣiríṣi àtúntò wò: bí a bá dín iye sítọ́ọ̀ kù ńkọ́, bí ọkọ̀ kan bá ń yípo láti ilé ìlera kan dé òmíràn dípò kí olúkúlùkù máa wá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìjọba ìbílẹ̀ 77 ni orílẹ̀-èdè náà ní, ṣùgbọ́n agbègbè ìlera 34 péré ló ní. Ètò tí wọ́n yàn ni pé kí sítọ́ọ̀ wà ní agbègbè ìlera, wọ́n sì fi agbègbè Comé dánra wò, èyí tó kó Comé, Bopa, Grand-Popo àti Houéyogbé pọ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó wo gbogbo orílẹ̀-èdè kì í sọ fún awakọ̀ kan pé kó yà sọ́tùn-ún tàbí sósì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹni tó mọ ọ̀nà ibi tirẹ̀ ló máa ṣe ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tiwa. Títì ńlá tó ti Savalou wá, tó ń lọ sí Djougou, ló la Bassila kọjá. Manigri wà ní ìsàlẹ̀ Bassila, níhà gúúsù. Pénéssoulou wà lókè, níhà àríwá. Alédjo sì wà ní apá ìwọ̀ oòrùn, níhà ààlà Togo. Ọ̀nà alámọ̀ tó yà kúrò lára títì ló ń gbéni dé ọ̀pọ̀ abúlé yòókù, púpọ̀ nínú wọn kò sì já sí ara wọn. Bí igi ni ọ̀nà wa ṣe rí: títì jẹ́ ìtì rẹ̀, ọ̀nà abúlé jẹ́ ẹ̀ka, ẹni tó bá sì fẹ́ ti orí ẹ̀ka kan dé orí òmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ wá sídìí èyí tó wà lórí rẹ̀. Bí ọ̀nà wa ṣe rí yìí ló yàtọ̀ sí ti ìlú ńlá tí òpópónà ti kọjá lára òpópónà, òun náà ló sì jẹ́ kí ìdáhùn wa rọrùn ju tiwọn lọ.

Ẹ fi ọkàn bá ìṣirò kékeré kan lọ. Ìṣẹ́jú tí mo fẹ́ dá jẹ́ ti àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Ọkọ̀ gbéra ní Bassila, ó ní ibi márùn-ún láti dé. Níhà òkè, abúlé kan wà lẹ́bàá títì, ìṣẹ́jú 10 sí Bassila. Bí a bá kọjá rẹ̀, ìṣẹ́jú 30 ló kù ká tó dé Pénéssoulou. Láti Pénéssoulou dé Alédjo jẹ́ 40. Níhà ìsàlẹ̀, Manigri jẹ́ ìṣẹ́jú 15, abúlé inú igbó kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀nà alámọ̀ tó ń gba 60. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ máa yan ibi tó súnmọ́ ọn jù. Yóò kọ́kọ́ lọ sí abúlé ẹ̀bá títì. Láti ibẹ̀, Manigri jẹ́ 25, Pénéssoulou jẹ́ 30, nítorí náà yóò ṣẹ́rí padà sí Manigri. Ní Manigri, Pénéssoulou jẹ́ 55, abúlé inú igbó jẹ́ 60, nítorí náà yóò tún ṣẹ́rí sókè. Láti Pénéssoulou yóò lọ sí Alédjo. Abúlé inú igbó nìkan ló kù wàyí, yóò sì rin ìṣẹ́jú 155 kó tó dé ibẹ̀, kó tó wá fi 75 padà sílé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 360, wákàtí mẹ́fà gbáko. Bí awakọ̀ kan náà bá parí apá ìsàlẹ̀, tó padà kọjá ní Bassila, tó wá parí apá òkè, apá ìsàlẹ̀ yóò gba 150, apá òkè yóò gba 160, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 310. Ìṣẹ́jú 50 ló jèrè, kò sì sá eré kankan.

Báwo la ṣe mọ̀ pé kò sí ètò mìíràn tó tún kéré ju 310 lọ? Kò dìgbà tí a bá dán gbogbo 120 ọ̀nà tí a lè gbà to ibi márùn-ún wò. Gbogbo apá ọ̀nà tó lọ sí ibi kan, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó jáde níbẹ̀, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbà á lọ lẹ́ẹ̀kan, kó sì gbà á bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ka ìṣẹ́jú gbogbo apá ọ̀nà wa lẹ́ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì, 310 ni yóò jẹ́ gẹ́lẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì lè rìn ín ní èyí tó dín. Ìṣẹ́jú 50 tí awakọ̀ sọ nù nínú ìrìn àkọ́kọ́ wá láti ibi méjì tí a lè tọ́ka sí: ó gba àárín Bassila àti abúlé ẹ̀bá títì lálọ-lábọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn 20 lórí ohun tó yẹ, ó sì gba àárín Bassila àti Manigri bẹ́ẹ̀, ìyẹn 30. Ìdánwò tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí: bí ọkọ̀ yín bá gba ojú ọ̀nà kan ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú ìrìn kan, ẹ béèrè ìdí.

Ìdí náà lè dára o. Àpótí tútù lè kéré, kí ọkọ̀ padà wá gbé ẹrù kún un. Ilé ìlera kan lè jẹ́ pé ọjọ́ ìgbabẹ́rẹ́ rẹ̀ ni, kí àwọn ìyá ti tò lọ́wọ́ aago mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìyípadà bẹ́ẹ̀ ń ná òun ní ìṣẹ́jú 50, tó sì gbà pé ó yẹ, ó ṣe dáadáa. Ẹni tó ń san án lóṣooṣù láìmọ̀ ni mo ń bá wí.

Ní ọdún 1964, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Clarke àti Wright, gbé ìlànà kan jáde tí àwọn onímọ̀ ìrìn ọkọ̀ ṣì ń lò. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ rò ó bíi pé ọkọ̀ lọ sí ibi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì padà; ká wá wo èrè tó wà nínú dída ibi méjì pọ̀. Èrè náà ni ìṣẹ́jú láti ilé dé ibi kìíní, àti láti ilé dé ibi kejì, ká wá yọ ìṣẹ́jú tó wà láàárín ibi méjèèjì kúrò. Ẹ fi wọn Pénéssoulou àti Alédjo: 40 àti 80, ẹ yọ 40, èrè jẹ́ ìṣẹ́jú 80. Ẹ wá fi wọn Pénéssoulou àti Manigri: 40 àti 15, ẹ yọ 55, kò ku nǹkan kan. Òdo yẹn ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tó ń ṣètò ní Bassila. Ó ń sọ pé dída apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan kò mú èrè ìrìn kankan wá, nítorí náà ẹ lè pín wọn sí ọjọ́ méjì láìfi ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá fi ogún ìṣẹ́jú kún un ní ibi márààrún, wákàtí márùn-ún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò di nǹkan bíi wákàtí méje. Bí yìnyín inú àpótí kò bá lè dé ibẹ̀, ẹ pín in.

Àwọn kan á sọ pé awakọ̀ tó ti ń rìn fún ọdún pípẹ́ kò nílò ìṣirò. Mo gbà pé kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà bíi tirẹ̀. Kò sí àwòrán ilẹ̀ kan tó lè sọ ibi tí afárá ti bọ́ fún un. Ṣùgbọ́n àṣà ìlú, ipò ẹni, tàbí ẹni tó kọ́kọ́ fóònù ló sábà máa ń pinnu ibi tí wọ́n rán an lọ ṣáájú, ìyẹn kò sì sí lọ́wọ́ awakọ̀. Àwọn mìíràn á ní kí a fi gbogbo rẹ̀ lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Fún ìlú ńlá, ó yẹ bẹ́ẹ̀, torí ibi mẹ́wàá péré lè tò ní ọ̀nà 3,628,800. Lórí ọ̀nà tó rí bí igi, ìwé àti kálámù tó. Ìṣẹ́jú tí a fi bọ́ kọ̀ǹpútà sì lè jẹ́ ti ọ̀gbẹlẹ̀ nígbà tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́.

Àtakò kan wà tó wúwo jù wọ́n lọ: ọ̀nà àbùjá ń yọ, ìgbà tó bá sì ti yọ, igi kì í ṣe igi mọ́. Òótọ́ ni. Ká ní ọ̀nà alámọ̀ kan já tààrà láti Alédjo sí abúlé ẹ̀bá títì. Tẹ́lẹ̀, láti Alédjo padà dé ibẹ̀ gba Pénéssoulou, ìṣẹ́jú 70. Bí àbùjá náà bá jẹ́ 60 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ yóò yípo, ìrìn apá òkè yóò sì wálẹ̀ láti 160 sí 150. Bí òjò bá sọ ọ́ di 90, kí ọkọ̀ bá títì padà. Ààlà rẹ̀ ni 70, ẹ kò sì nílò ju nọ́ńbà kan yẹn lọ láti pinnu. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú, tí n kò sọ̀rọ̀ kìlómítà: kìlómítà kì í yí padà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú a máa di ìlọ́po nígbà òjò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí sítọ́ọ̀ wà níkàáwọ́ yín, mo bẹ̀ yín: ẹ fún awakọ̀ ní ìwé kan tí yóò máa kọ aago ìgbéra àti aago ìdé sí ní ibi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ní ojú ewé kan fún ẹ̀ẹ̀rùn, òmíràn fún òjò. Kí ẹ tó tún to ìrìn oṣù tó ń bọ̀, ẹ ṣí ìwé náà, kí ẹ wo ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.