Ohun tí a kọ sínú ìwé ìtọrọ owó fún òrùlé ojúbọ ìlú wa

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì àti ibi gbogbo. Ọ̀pọ̀ yín ń béèrè ohun tó wà nínú ìwé tí a fẹ́ fi tọrọ owó ìrànwọ́, àti ìdí tí a ò fi kúkú ra páànù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà níbẹ̀.

Fọ́ọ̀mù yẹn ní ojú ibi tí wọ́n ti ní kí a ṣàlàyé ohun tó bàjẹ́, bí a ṣe fẹ́ tún un ṣe, ẹni tó máa ṣe é àti ìgbà tó máa ṣe é. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń kọ ìtàn ìlú láti ayé Odùduwà wá, tí ọ̀rọ̀ òrùlé á wá ku ìlà méjì péré. Àwa bẹ̀rẹ̀ lórí òrùlé.

Òkè téńté, níbi tí apá méjèèjì ti pàdé, ló kọ́kọ́ jẹrà. Koríko ibẹ̀ ti dúdú, èèyàn á fọwọ́ kàn án, á rọ̀ bíi ilẹ̀ tútù, ewéko ti ń hù lórí ẹ̀. Omi ń tibẹ̀ ṣàn sára ògiri alámọ̀, ipa ẹ̀ hàn nínú ilé. Ikán ti jẹ ẹkẹ́ mẹ́rin: bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gún wọn, ọ̀bẹ á kàn wọlé ni. Àmọ́ àwọn òpó, tó jẹ́ igi apá, ṣì le koko. A wá kọ ọ́ pé a ò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tó ń fúnni lówó á rí i pé a yẹ iṣẹ́ náà wò dáadáa.

Ní ti páànù, òótọ́ ni pé ó yá, kò sì ní wàhálà. Ṣùgbọ́n owó yìí, owó ìtọ́jú ohun àjogúnbá ni. Tí a bá kan páànù, ojúbọ náà ti di ilé lásán lójú wọn. Bàbá mẹ́ta péré ló sì kù nílé tó mọ koríko bò. A fi owó oúnjẹ ọ̀dọ́ mẹ́rin tí wọ́n máa kọ́ iṣẹ́ sí i.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò, torí ibẹ̀ làríyànjiyàn pọ̀ sí. Ilé náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 12, ó gùn ní ẹsẹ̀ 16. Òrùlé koríko gbọ́dọ̀ dà gan-an, ẹ wo rùmbù àwọn Haúsá tó wà lọ́dọ̀ yín. Tó bá tẹ́jú, omi á dúró lórí ẹ̀, á jẹrà. Láti àárín dé etí ògiri jẹ́ ẹsẹ̀ 6, a sì gbé òkè ẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ 6. Gígùn dídà ẹ̀ á tó ẹsẹ̀ 8 àtààbọ̀. A fi ẹsẹ̀ 2 kún un kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má baà kan ògiri, ó di 10 àtààbọ̀. A fi ẹsẹ̀ 2 kún ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, gígùn ẹ̀ di 20. Apá méjèèjì jọ jẹ́ 420.

Ìdì koríko mélòó nìyẹn? Ìdì alákòókò kan ò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, kò sẹ́ni tó lè fojú díwọ̀n ẹ̀. Àwọn bàbá bo ibi tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 6, tó ga ní ẹsẹ̀ 5, lórí igi tí a fi ẹ̀gbẹ́ ti ògiri, ó gba ìdì 12. Ìyẹn jẹ́ 30, ó sì wọ inú 420 lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá, ó di ìdì 168. A fi ti òkè téńté àti èyí tó máa bàjẹ́ kún un, a kọ 200. A ya fọ́tò ìdánwò náà, a fi í sínú ìwé.

Ìgbà ló lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Koríko bẹẹrẹ kì í ṣe ohun tí a ń gé nígbà tó bá wù wá. Ó gbọ́dọ̀ gbó, kó gbẹ, ká sì gé e kí iná ìgbẹ́ tó débẹ̀. Láyé àtijọ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn làwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń kó o lọ sí Ọ̀yọ́ fún òrùlé ààfin, òun la fi ń pè é ní ọdún Bẹẹrẹ. Nítorí náà a kọ ọ́ pé tí owó bá wọlé lẹ́yìn oṣù kìíní, koríko ọdún yẹn ti lọ, ẹkẹ́ nìkan la máa pààrọ̀, a ó sì fi tapólì bo òkè títí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ògiri yẹn ò lè fara da òjò ọdún kan sí i láìsí ìbòrí.

Wọ́n á béèrè iná. Òrùlé koríko Kásúbì ní Ùgáńdà, níbi ibojì àwọn ọba Bùgáńdà, jóná lóṣù kẹta ọdún 2010. Ọdún 2023 ni Yunẹ́sikò tó yọ ibẹ̀ kúrò lára àwọn ibi tó wà nínú ewu. Àwa kọ ọ́ pé a ò ní fa wáyà iná wọlé, àti pé dúrọ́ọ̀mù omi méjì á máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà.

Àwọn àwòrò ti fọwọ́ sí i, wọ́n ní a lè ya òde àti òrùlé, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ya inú. A kọ ìyẹn náà sí i. Ẹ̀yin mùsùlùmí àti krìstẹ́nì inú wa, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ wá bọ ohunkóhun o.

Ohun kan ló kù: wọ́n fẹ́ rí bí òrùlé náà ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fọ́tò àtijọ́ tí òrùlé yọjú nínú ẹ̀, ì báà jẹ́ ti ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, ẹ fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọdún tí wọ́n yà á sí i.