Báwo La Ṣe Mọ̀ Pé Ọ̀kan Nínú Wọn Jẹ́ Ọkùnrin?

Ní ọdún 1959, Martin Gardner, ẹni tó máa ń kọ̀wé nípa ìṣirò fún ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà, bi àwọn òǹkàwé rẹ̀ ní ìbéèrè méjì. Ọ̀gbẹ́ni Jones bí ọmọ méjì, obìnrin sì ni ẹ̀gbọ́n. Kí ni ìṣeéṣe pé obìnrin ni àwọn méjèèjì? Ọ̀gbẹ́ni Smith náà bí ọmọ méjì, ó kéré tán ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin. Kí ni ìṣeéṣe pé ọkùnrin ni àwọn méjèèjì? Gardner ní ti Jones jẹ́ 1/2, ti Smith sì jẹ́ 1/3. Kí ọdún náà tó parí, òun fúnra rẹ̀ gbà pé ìbéèrè kejì kò sọ ọ̀rọ̀ tán. Ohun tí kò sọ yẹn ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká kó 400 bàbá jọ, kí olúkúlùkù bí ọmọ méjì. Tí a bá dárúkọ ẹ̀gbọ́n ṣáájú, 100 bí ọkùnrin lé ọkùnrin, 100 bí ọkùnrin lé obìnrin, 100 bí obìnrin lé ọkùnrin, 100 sì bí obìnrin lé obìnrin. Mo gbà pé akọ àti abo dọ́gba, àti pé ti ẹ̀gbọ́n kò kan ti àbúrò. Ní tòótọ́, ọmọkùnrin tí à ń bí máa ń fi díẹ̀ pọ̀ ju obìnrin lọ, ìbejì tó sì wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo kì í jẹ́ akọ àti abo. Ní ilẹ̀ Yorùbá tí ìbejì ti pọ̀, ẹyin méjì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti ń wá, nítorí náà ìṣirò wa kò bàjẹ́.

Ká bi gbogbo wọn pé, “Ṣé ọkùnrin ni ọmọ yín àgbà?” 200 yóò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, 100 nínú wọn ló bí ọkùnrin méjì. Ìdajì nìyẹn. Ká wá yí ìbéèrè padà: “Ǹjẹ́ ẹ tilẹ̀ bí ọkùnrin?” 300 yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, 100 péré nínú wọn ló ní méjì. 1/3 dé.

Ṣùgbọ́n kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí a kò bá bi ẹnikẹ́ni? Bàbá kan kàn jókòó tì wá nínú ọkọ̀, ó ní òun bí ọmọ méjì, ó sì mẹ́nu ba ọ̀kan: “Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́.” A ti mọ̀ pé ó kéré tán ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á sáré mú 1/3, àṣìṣe sì ni. Àwọn 100 tó bí ọkùnrin méjì kò ní ẹlòmíràn tí wọ́n lè mẹ́nu bà. Àwọn 200 tó bí akọ àti abo lè mẹ́nu ba èyíkéyìí. Tó bá jẹ́ pé bó ṣe bọ́ sí wọn lẹ́nu ni, 100 nínú wọn ni yóò sọ ti ọkùnrin. Gbogbo àwọn tó sọ ti ọkùnrin jẹ́ 200, ìdajì wọn ló bí ọkùnrin méjì.

Ó tún lè jẹ́ pé ìwà àwọn bàbá náà ni pé wọn kì í fi ti ọkùnrin sílẹ̀ sọ ti obìnrin. Àwọn 200 yẹn pátá á sọ ti ọkùnrin, a ó sì padà sí 1/3. Tó bá wá jẹ́ pé ọmọbìnrin ni wọ́n ń fi yangàn, ẹni tó bí obìnrin kan kò ní sọ ti ọkùnrin láé. Bí a bá wá gbọ́ “ọmọ mi ọkùnrin” lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn, ó dájú pé ọkùnrin ni méjèèjì. Gbólóhùn kan náà ni a gbọ́, ìdáhùn sì lọ láti 1/3 dé 1. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ni pé: ká ní bàbá yìí bí akọ kan àti abo kan, kí ni ìbá sọ?

Ìbéèrè yẹn náà ló tú àlọ́ tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gary Foshee pa ní 2010: “Mo bí ọmọ méjì, ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ni ìṣeéṣe pé ọkùnrin ni àwọn méjèèjì?” Tí a bá ka akọ, abo àti ọjọ́ méje, oríṣi ọmọ jẹ́ 14, oríṣi ìdílé sì jẹ́ 196. Nínú wọn, 27 ló ní ọmọkùnrin ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 nínú 27 náà sì jẹ́ ọkùnrin méjì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé 13/27 ni ìdáhùn. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ pé àwa la bi í pé, “Ǹjẹ́ ẹ bí ọkùnrin kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun?” Bí òun fúnra rẹ̀ bá mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ láìṣà, tó sì sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká tún un kà. Nínú 13, ìdílé kan tí ọmọ méjèèjì jẹ́ ti Ìṣẹ́gun yóò sọ bẹ́ẹ̀ dandan. Nínú 12 yòókù, ìdajì ni yóò sọ ọ́, ó di 7. Nínú 14 tó bí akọ àti abo, ìdajì yóò sọ ọ́, òun náà jẹ́ 7. Méje nínú mẹ́rìnlá ni, ìdajì ni. Ìṣẹ́gun tó dárúkọ kò yí ohunkóhun padà.